Ewì Ìfẹ́ fún Àyájọ́ Ìgbéyàwó Nígbà Tí Aago Yín Kò Bá Dọ́gba: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tí ó fẹ́ kọ ewì sí ọkọ tàbí aya rẹ̀ tí ó wà lókè òkun ni mo kọ èyí fún, kí ewì náà lè dé ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ ní àyájọ́ ìgbéyàwó wọn. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni n ó lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ jẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn, aya rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ìlú Àtìláńtà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé, 14 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ewì ọdún karùn-ún ni ọkọ sì fẹ́ kọ, fún Sátidé, 14 oṣù Kejìlá ọdún 2024.

Níbo ni ó yẹ kí ewì náà ti bẹ̀rẹ̀?

Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú wákàtí kan pàtó, nítorí pé ẹni tí ó bá ti orí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ yóò kọ ohun tí ó bá gbogbo aya mu, kò sì ní kọ ohun tí ó bá aya tirẹ̀ mu. Mú bébà kan, kọ bí ọjọ́ rẹ ṣe ń lọ sí apá kan, kí o sì kọ bí ọjọ́ tirẹ̀ ṣe ń lọ sí apá kejì, kí àwọn wákàtí náà dojú kọ ara wọn. Aya tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń wọ iṣẹ́ ní agogo méje alẹ́, ó sì ń jáde ní agogo méje òwúrọ̀. Ní Ìbàdàn, ìgbà tí ó ń wọ iṣẹ́ jẹ́ agogo kan òru, ìgbà tí ó sì ń jáde jẹ́ agogo kan ọ̀sán. Oorun rẹ̀ bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́ ọkọ rẹ̀. Èyí fi hàn pé aago ìlú nìkan kọ́ ló ya àwọn méjèèjì, iṣẹ́ náà dá sí i, ewì tí kò bá sì mẹ́nu kan iṣẹ́ náà yóò jẹ́ ewì sí ẹlòmíràn tí ó kàn ń gbé Àtìláńtà.

Nínú gbogbo wákàtí yẹn, agogo kan ọ̀sán ni mo yàn. Ìdí rẹ̀ ni ìkíni. Ìkíni wa so mọ́ ìgbà: a kì í kí ènìyàn pé ó káàsán nígbà tí oòrùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bí ọkọ bá pè é ní agogo kan ọ̀sán, kí ni yóò fi kí i? Ọ̀sán ni níhìn-ín, òwúrọ̀ ni lọ́hùn-ún, ẹni tí a ń kí sì ti múra àtisùn. Ìdààmú kékeré yìí, tí gbogbo ẹni tí ó ní ará lókè òkun mọ̀, lè gbé ewì ró ju ọ̀rọ̀ ńláńlá nípa òkun àti ọ̀sà lọ. Ìkíni kan wà tí kò béèrè aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni "o kú iṣẹ́". Ibẹ̀ ni ewì ti máa rí ẹsẹ̀ fi lélẹ̀.

Wákàtí mélòó ni kí n sọ pé ó wà láàárín wa?

Wo ọjọ́ àyájọ́ yín kí o tó dáhùn. Nàìjíríà kì í yí aago padà, Amẹ́ríkà ń yí i. Wọ́n ń sún aago síwájú ní Sunday kejì oṣù Kẹta, wọ́n sì ń dá a padà ní Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Nítorí náà, wákàtí márùn-ún ni Àtìláńtà fi wà lẹ́yìn Ìbàdàn ní àkókò òjò wa, ó sì di mẹ́fà nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kẹjọ yóò kọ márùn-ún, àwa tí tiwa jẹ́ oṣù Kejìlá yóò kọ mẹ́fà. Mo ti rí ewì tí ó dára tí ìṣirò rẹ̀ kò pé, olólùfẹ́ tí ó ń ṣírò wákàtí náà lójoojúmọ́ kí ó tó lè pe ilé kò sì ní ṣàì rí i.

Bí olólùfẹ́ rẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Láti Sunday tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di Sunday tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba, ní àwọn oṣù yòókù, wákàtí kan péré ló yà wọ́n. Má ṣe fi aago ṣe ewì níbẹ̀. Fi ìmọ́lẹ̀ ṣe é, nítorí pé ní oṣù Kejìlá ilẹ̀ ti ṣú ní Lọ́ńdọ̀nù ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn Ìbàdàn ṣì ń ràn kankan.

Ṣé kí n kọ ewì náà fún ọjọ́ tèmi ni tàbí fún ọjọ́ tirẹ̀?

Fún méjèèjì, ohun tí ó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí sì nìyẹn. Bí agogo méjìlá òru bá lù ní Ìbàdàn, tí 14 oṣù Kejìlá bẹ̀rẹ̀, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣì ni ní Àtìláńtà. Ọkọ nìkan ni àyájọ́ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ Sátidé ní Ìbàdàn, ó tó ọ̀dọ̀ aya. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀ fún wákàtí méjìdínlógún. Lẹ́yìn náà ni Ìbàdàn bọ́ sí Sunday, tí aya wá ku òun nìkan tí ó ń bá ọjọ́ náà lọ fún wákàtí mẹ́fà mìíràn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó tọkọtaya yìí gùn tó ọgbọ̀n wákàtí. Tọkọtaya tí ó ń sùn lórí ibùsùn kan náà kò lè ní ju mẹ́rìnlélógún lọ.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ sí ẹjọ́ tí àwọn ewì báyìí sábà máa ń ro. Wọ́n á ní aago jí olólùfẹ́ àwọn gbé. Níhìn-ín, aago fi kún ohun tí wọ́n ní, òtítọ́ sì ni, ìṣirò lásán ni. Bí ewì rẹ kò bá ní ju àwòrán kan ṣoṣo lọ, èyí ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o mú.

Ṣé mo lè sọ pé òṣùpá kan náà ni àwa méjèèjì ń wò?

O lè sọ ọ́ bí ó bá jẹ́ òótọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ gbólóhùn yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì gbé ojú sókè wò ó. Òṣùpá tí ó kún a máa yọ ní Ìbàdàn nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní oṣù Kejìlá. Ọ̀sán gangan ni nígbà náà ní Àtìláńtà, kò sí òṣùpá kankan níbẹ̀. Ìgbà tí agogo bá di bí mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ní Ìbàdàn ni oòrùn tó wọ̀ ní Àtìláńtà tí òṣùpá sì hàn kedere, nígbà yẹn, ti ọkọ ti ga dé àárín ọ̀run. Láti ìgbà náà títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ Ìbàdàn ni wọ́n jọ lè rí i.

Oríire ni pé òṣùpá kún ní 15 oṣù Kejìlá ọdún 2024, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ kù kí ó pé ní alẹ́ àyájọ́ yìí. Aya sì ń lọ sí ibi iṣẹ́ láàárín agogo mẹ́fà sí méje alẹ́ tirẹ̀, èyí tí ó jẹ́ láàárín agogo méjìlá sí kan òru ní Ìbàdàn. Dípò kí ọkọ sọ pé "òṣùpá kan náà la jọ ń wò", ó lè dá ìgbà fún aya rẹ̀: kí o tó wọlé iṣẹ́, wo òkè. Ìpàdé gidi ni ìyẹn, ó ní àkókò, ó sì ní ibi.

Mo gbọ́ pé àwọn baba wa ń fi àrokò ránṣẹ́ ìfẹ́. Ṣé ó wúlò nínú ewì báyìí?

Ó wúlò gan-an. Owó ẹyọ méjì tí a so kí ojú wọn kọjú síra túmọ̀ sí pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fẹ́ rí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti wọ̀ ọ́. Owó ẹyọ mẹ́fà ni ti ìfẹ́, nítorí pé ẹ̀fà ń sọ pé ọkàn fà. Nínú àpẹẹrẹ wa, mẹ́fà yìí gan-an ni iye wákàtí tí ó wà láàárín tọkọtaya náà. Ohun tí ó yà wọ́n ni ohun tí ó ń fà wọ́n. Kò sí akéwì tí yóò rí irú èyí kí ó fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n má ṣe fi ipá mú un. Bí tiyín bá jẹ́ méje, èje lè ní kí ó jẹ́ ọ, bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ lè ní kí ẹ jọ wà. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, mo gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi eré yìí sílẹ̀, nítorí pé ohun tí etí kọ́kọ́ ń gbọ́ nínú àrún ni rírún, a kì í sì í fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹni tí a fẹ́ràn.

Báwo ni mo ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa jíjìnnà láìjẹ́ kí ó dún bí ẹkún òkú?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń dárò òkú àti ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn nípa ẹni tí ó wà lókè òkun súnmọ́ra jù. "Mo wá ọ títí, n kò rí ọ", "ojú àlá nìkan ni mo ti ń rí ọ", "o lọ sí àjò tí ó jìn", "ó dìgbà": gbogbo ìwọ̀nyí ti di ti ibi ìsìnkú lẹ́nu wa. Bí aya bá gba irú ewì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ lè bù máṣọ, ìyá rẹ̀ tí ó bá sì kà á yóò ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí o ka ewì náà sókè fún àgbàlagbà kan nínú ilé láìsọ ẹni tí o kọ ọ́ sí. Bí ó bá béèrè pé ta ló kú, padà lọ tún un kọ.

Ohun tí ó ń gba ewì sílẹ̀ ni kí ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn náà máa ṣe nǹkan nínú rẹ̀. Kí ó máa rìn, kí ó máa bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí ó máa wo òkè. Òkú kì í ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, fi ohun tí ọwọ́ lè kàn wọn jíjìnnà, kí o fi kìlómítà sílẹ̀. Láti Èkó sí Àtìláńtà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà, ṣùgbọ́n iye yẹn kò ní ojú, kò ní ìrísí. Sálúbàtà rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí eruku ọyẹ́ ń bò, tí ọkọ ń gbọ̀n ọ́n tí kò sì gbé e kúrò, sọ ohun tí kìlómítà kò lè sọ. Ó tún sọ pé a ń retí ẹni tí ó ni ín.

Ṣé ó yẹ kí ìparí ìlà máa dún bákan náà?

Kò pọn dandan. Fáwẹ̀lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa fi ń parí, nítorí náà irú ìjọra bẹ́ẹ̀ rọrùn jù, kò sì ń dùn létí bí ó ṣe ń dùn nínú èdè mìíràn. Ohùn ni etí wa ń tẹ̀lé. Kọ ìlà méjì tí ó jọra, kí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì yàtọ̀, kí ohùn ìparí wọn sì bára mu. "Níhìn-ín" àti "lọ́hùn-ún" ní ohùn kan náà, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìtumọ̀ wọn sì tako ara wọn. Bí o bá fi ọ̀kan parí ìdajì ìlà, tí o fi èkejì parí ìdajì yòókù, a óò gbọ́ ìlú méjèèjì pọ̀ nínú ohùn kan. Nǹkan tí a ń wá nínú ewì yìí gan-an ni.

Ṣé "o" ni kí n lò tàbí "ẹ"?

Èyí tí o fi ń bá a sọ̀rọ̀ nílé ni kí o lò. Ọkọ sábà máa ń lo "o" sí aya. Aya tí ó ń fi "ẹ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ kàn ṣàdédé bọ́ sí "o" nínú ewì nítorí pé ó kúrú, ọkọ yóò rò pé ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́. Ohun tí ó burú jù ni kí méjèèjì dàpọ̀ nínú ewì kan. Ní ti orúkọ, oríkì ló dára jù: pe aya ní Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ tàbí èyí tí ó bá jẹ́ tirẹ̀, pe ọkọ ní Àkànní tàbí Àjàní. Oríkì a máa mú orí ẹni wú, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni pè é níbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Ṣé mo lè rí ewì náà lódindi?

Èyí ni bí ó ṣe rí lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti sọ. Àjọkẹ́ ni mo fi dúró fún oríkì aya, fi ti aya rẹ rọ́pò rẹ̀.

Àjọkẹ́, mo fẹ́ kí ọ, n kò mọ ìkíni tí n ó mú.
Bí mo bá ní o káàsán, oòrùn tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni;
bí mo bá ní o káàárọ̀, oorun ni ó wà lójú rẹ.
Ibi tí o ti ń ṣọ́ aláìsàn mọ́jú ni o ti ń bọ̀.
O kú iṣẹ́ ni mo mú,
o kú iṣẹ́ kò béèrè aago.

Ọyẹ́ ti dé sí Ìbàdàn,
ó fi eruku bo sálúbàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà.
Mo gbọ̀n ọ́n lánàá, mo tún gbọ̀n ọ́n lónìí,
n kò gbé e kúrò níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ níhìn-ín, ilẹ̀ kò tíì mọ́ lọ́hùn-ún;
ilẹ̀ ṣú níhìn-ín, oòrùn ń ràn lọ́hùn-ún.
Wákàtí mẹ́fà ló wà láàárín èmi àti ìwọ.
Mẹ́fà ni àwọn baba wa so, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ìfẹ́:
ẹ̀fà ló ní kí ọkàn mi fà sí ọ,
ẹ̀fà ló ní kí ọkàn rẹ fà sí mi.

Ọjọ́ tí a so wá pọ̀, èmi ni ó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn mọ́.
Mo gbà á ní ọ̀gànjọ́, mo tọ́jú rẹ̀ dè ọ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́;
nígbà tí ó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi,
ìwọ ni kí o bá mi dì í mú.
Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni ọjọ́ àwọn ẹlòmíràn,
ọgbọ̀n ni tiwa, Àjọkẹ́, kò dín kan.

Bí o bá sùn tí o jí, tí o ń lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ òní,
dúró díẹ̀ kí o tó wọlé, wo òkè.
Òṣùpá ti wà lórí òrùlé wa kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ;
n kò ní sùn, mo wà lóde, mo ń wò ó.

Ẹ ó rí i pé n kò lo ọ̀rọ̀ náà "ìfẹ́" ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, níbi tí àrokò ti béèrè fún un. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ìlà kan wà tí ó sọ pé òkun kò lè pa iná ìfẹ́ wa. Mo yọ ọ́, nítorí pé kò sí ohun tí ó so ó mọ́ Ìbàdàn, Àtìláńtà tàbí iṣẹ́ òru.

Ìgbà wo ni kí n fi ránṣẹ́, báwo sì ni?

Ewì yìí sọ ìgbà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Agogo kan ọ̀sán Ìbàdàn ni aya ń jáde níbi iṣẹ́, bí agogo kan kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni oòrùn sì ń yọ ní Àtìláńtà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ Ìbàdàn, á ti sùn, ìlà ìkíni yóò sì ti di irọ́. Bí aya bá máa ń fúnra rẹ̀ wa mọ́tò lọ sílé, fún un ní àkókò tí yóò fi délé kí o tó pè é.

Kà á sókè, gbà á sílẹ̀ bí ohùn lórí Wátsáàpù, kí o sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ohùn ṣe kókó, nítorí pé bí a bá kọ ọgbọ̀n láìfi àmì sí i, ẹni tí ó ń kà á pẹ̀lú oorun lójú lè pè é ní ọgbọ́n, ìlà tí ó gbé ewì náà yóò sì ṣubú. Kà á lọ́ra ní ibi ìlà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, má sì ṣe fi orin kankan sí abẹ́ rẹ̀.

Ṣé mo lè lo ewì kan náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e?

Apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣì dúró: wákàtí mẹ́fà àti ọjọ́ ọlọ́gbọ̀n wákàtí kì í yí padà níwọ̀n ìgbà tí àyájọ́ bá ti wà ní oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n òṣùpá kì í tẹ̀lé kàlẹ́ńdà wa. Ní 14 oṣù Kejìlá ọdún 2025, òṣùpá ti dín kù gan-an, díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù kò sì ní yọ títí ọ̀gànjọ́ yóò fi kọjá ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí aya bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ náà, kò sí ohun tí yóò rí lókè. Yọ ìlà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn, kí o sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irú iṣẹ́ tí ó wà fún un ní ọ̀sẹ̀ náà kí o tó kọ òmíràn sí ipò wọn, nítorí pé bí wọ́n bá ti gbé e kúrò ní iṣẹ́ òru sí ti ọ̀sán, ìkíni tí ewì fi bẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà.